Ṣé ó jí? Ohun tí mo kọ́ nídìí kíka ìgbì ọpọlọ

Ìwé àbájáde tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kọ nípa EEG, àyẹ̀wò tó ń fi wáyà tí a lẹ̀ mọ́ awọ orí ya ìgbì ọpọlọ, kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ọ̀gá mi sì fi báírò pupa fa ìlà kọjá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 22 kan ló ni àyẹ̀wò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó dákú lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti tò sórí ìlà nínú oòrùn, àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ mọ̀ bóyá wárápá ni. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo dé ibì kan tí ìgbì gbogbo orí ọmọ náà ti lọ́ra, tó ń lọ márùn-ún, mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́ iye náà sórí: tẹ́tà ni. Mo sì ti kà á pé kò yẹ kí tẹ́tà gba gbogbo orí àgbàlagbà tó wà lójúfò. Ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ti lọ́ra káàkiri.

Ọ̀gá mi kò pariwo lé mi lórí. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ó jí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sùn."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n kọ. Mo ní ṣé ó jí?"

Ó yí ojú ìwé padà sẹ́yìn mẹ́ta. Níbẹ̀, ìgbì ìpàkọ́ ọmọ náà ń lọ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó gún régé. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ìgbì mẹ́wàá-mẹ́wàá náà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń wá, ó ń lọ, àwọn wáyà ẹ̀bátí sì ń fì sọ́tùn-ún fì sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ojú ṣe máa ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú nígbà tí oorun bá ń kunni. Lẹ́yìn náà ni tẹ́tà dé. Ojú ìwé méjì síwájú, tẹkiníṣánì ti tẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí etí ìwé pé òun pe orúkọ rẹ̀. Ní ibi tó pe orúkọ yẹn gan-an, mẹ́wàá-mẹ́wàá padà dé. Ọmọ tó ń tòògbé ni mo fẹ́ kọ àìsàn sí lára.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ka ìgbì kankan kí n tó mọ ipò tí ẹni tó ni orí náà wà. Ohun tí ó sì gbà mí lákòókò jù láti mọ̀ ni pé orúkọ mẹ́rin tí a ń kọ́ sórí, iye nìkan ni wọ́n ń sọ. Ìgbì tí kò pé 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni dẹ́lítà. Láti 4 títí kan ibi tí kò tíì dé 8 ni tẹ́tà. Láti 8 sí 13 ni álífà, èyí tó bá yára ju ìyẹn lọ ni bẹ́tà. Iye yìí kò sọ ibi tí ìgbì ti jáde, kò sì sọ ohun tí onítọ̀hún ń ṣe. Ẹni tó bá fi iye nìkan ka EEG yóò ṣìnà bí mo ṣe ṣìnà.

Kíkà náà fúnra rẹ̀ kò le. Ojú ìwé kan lórí ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, ìlà tóóró kan sì dúró síbi tí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ti parí. Mo máa ń mú àárín ìlà méjì, mo máa ń ka ṣóńṣó orí ìgbì tó wà níbẹ̀. N kì í ka ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ń kà, nítorí ìgbì ọpọlọ kì í ṣe aago. Lẹ́yìn náà ni mo ń wo gíga. A sábà máa ń ṣètò ẹ̀rọ sí 7 µV/mm, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbì tó ga ní mìlímítà 6 jẹ́ máíkírófóòtì 42. Máíkírófóòtì kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì kan, nítorí náà ohun tí à ń wá kéré débi pé òógùn, eyín tí a fi pa eyín, àti wáyà tí kò lẹ̀ dáadáa lè bò ó mọ́lẹ̀.

Álífà ni mo gba gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ni a lè dán wò lójú ẹsẹ̀. Hans Berger, dókítà kan ní ìlú Jena ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ya ìgbì ọpọlọ ènìyàn, ní 1924. Nígbà tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1929, ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí Adrian àti Matthews, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ṣe irú rẹ̀ ní Kẹ́ńbíríìjì ní 1934 tí wọ́n sì rí ohun kan náà: bí ènìyàn bá dijú, ìgbì bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan á dìde ní ìpàkọ́, bó bá lajú, á rọlẹ̀. Ọ̀nà yìí ni à ń gbà dán an wò títí dòní. A ó wí pé, "Ẹ dijú, mà," a ó dúró díẹ̀, a ó ní, "Ẹ lajú," a ó sì máa wo O1 àti O2, àwọn wáyà méjì tó wà ní ìpàkọ́. Òǹkà tí kì í ṣe méjì-méjì wà lápá òsì orí, méjì-méjì wà lápá ọ̀tún.

Ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà kan pé ìgbì tó ga ni ti ẹni tó dijú tí kò ṣe nǹkan kan, tí ìgbì ẹni tó ń wò tó ń ronú sì kéré. Bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n nìyí. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú ìjọ bá ṣe "Àmín" lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà ní òpópónà á gbọ́ ọ. Bí àwọn ọgọ́rùn-ún náà bá yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn tí kálukú ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóde kò gbọ́ ju ìró wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Wáyà tí a lẹ̀ mọ́ awọ orí ni ẹni tó wà lóde yẹn. Nígbà tí ojú bá wà ní dídì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ìríran ní ìpàkọ́ ń ṣe "Àmín" pa pọ̀. Bí ojú bá là, kálukú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìgbì á sì tẹ́. Nínú oorun àsùnwọra ni ìṣọ̀kan náà pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí dẹ́lítà fi ga tó sì fi lọ́ra.

Àwọn kan wà tí álífà wọn kò hàn rárá, tí kò sì sí àìsàn kankan lára wọn. Àìrí i kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kí àgbàlagbà wà lójúfò, kó dijú, kí ìgbì ìpàkọ́ rẹ̀ má sì lè dé 8.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti irun o, nítorí nílẹ̀ wa, irun ló ń ba EEG jẹ́ jù kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí obìnrin bá di ṣùkú wá, ibi tí gbogbo irun ti pàdé lókè yẹn gan-an ni wáyà Cz gbọ́dọ̀ jókòó sí, ní àtàrí. Bí ó bá sì jẹ́ wífọ́ọ̀nù ni wọ́n rán mọ́ ọn, wáyà ò lè kan awọ orí rárá. A máa ń fẹ́ kí ìdènà láàárín wáyà àti awọ wà lábẹ́ 5 kΩ lójú ẹ̀rọ, òróró irun nìkan sì tó láti gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà tó wọkọ̀ wákàtí mẹ́ta wá tí wọ́n ní kó lọ tú irun kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mí. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá kọ ìwé àyẹ̀wò fún ènìyàn ni mo ń sọ ọ́ fún un: ẹ tú irun, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró kankan pa á.

Ti bẹ́tà, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Bẹ́tà gidi kéré, ó yára, iwájú orí àti àárín ló ti máa ń hàn jù lára ẹni tó lajú. Oògùn oorun bíi dáyásípáàmù máa ń mú un pọ̀ sí i, nítorí náà bí mo bá rí bẹ́tà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, oògùn tí onítọ̀hún ń lò ni mo ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tanni jẹ ni iṣan ẹran iwájú orí àti ti àgbọ̀n. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń fi eyín pa eyín, iṣan ẹ̀bátí rẹ̀ á sì kọ ìlà dúdú jàgàjàgà sórí ìwé, bí ìgbálẹ̀ tí a gún nídìí. Ẹ̀rọ ní asẹ́ méjì. Èyí tí ojú ẹ̀rọ ń pè ní LFF ń dí ohun tó lọ́ra jù, a sábà máa ń fi í sí 1 Hz, ìyẹn ìgbì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. HFF ń dí ohun tó yára jù, 70 Hz ni à ń fi í sí. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kí ìwé obìnrin kan mọ́ lójú, mo bá fa HFF wálẹ̀ sí 15 Hz. Jàgàjàgà náà parẹ́, ìgbì rodorodo tó jọ bẹ́tà ló kù, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní bẹ́tà. Irọ́ ni. Ariwo iṣan ni mo fi asẹ́ gé etí rẹ̀ títí tó fi jọ ìgbì ọpọlọ. Bí mo bá ti ní kí obìnrin náà la ẹnu díẹ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ìbá ti lọ, ǹ bá sì ti mọ̀ pé kì í ṣe ọpọlọ.

Ayédèrú dẹ́lítà sì wà pẹ̀lú. Ní ọ̀sán Oṣù Kẹta, iná lọ, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, báńtírì ló gbé ẹ̀rọ EEG dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò tó ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní dẹ́lítà dé, ọkùnrin náà ti sùn wọra. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń bá wa sọ̀rọ̀, ó ń béèrè ìgbà tí a ó parí. Òógùn ni. Iyọ̀ inú òógùn ń yí iná tó wà lábẹ́ wáyà padà díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí O1 fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà: lórí ìfì ńlá náà, álífà mẹ́wàá-mẹ́wàá ṣì jókòó, bí ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí omi òkun tó ń ru. Ẹni tó bá sùn wọra kò ní álífà bẹ́ẹ̀ ní ìpàkọ́. A nu orí ọkùnrin náà, a fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ìlà dúró. Ó wu ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà kó kàn gbé LFF lọ sí 5 Hz. Ìyẹn ìbá pa òógùn rẹ́ lóòótọ́, ìbá sì pa dẹ́lítà gidi rẹ́ pẹ̀lú, bó bá wà níbẹ̀.

Ojú ṣíṣẹ́ náà máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Fp1 àti Fp2, lókè ojú gan-an. Ó ń já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ga, iwájú nìkan ló sì wà. Tẹkiníṣánì tó bá ń wojú aláìsàn dípò ẹ̀rọ á ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú àyẹ̀wò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin ẹni ọdún 41 kan tó ń ta aṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ sọ pé lóru ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbọ̀n lójú oorun, ó sì géra rẹ̀ ní ahọ́n jẹ. Nítorí pé oorun ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, a ní kó má sùn ní alẹ́ tó ṣáájú, kó lè sùn lọ́dọ̀ wa. Irun rẹ̀ ti wà ní títú, ó mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn lórí àga, a ní kó dijú. Mo ka O2 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó tẹ̀ léra: 10, 10, 9, 10. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, ìyẹn máíkírófóòtì 42. "Ẹ lajú, mà." Ó tẹ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tó kù níwájú kò ga ju mìlímítà 2 lọ, ó yára, bẹ́tà ni. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló rí. Ìyẹn ni pé ó jí, álífà rẹ̀ sì pé.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú keje, álífà bẹ̀rẹ̀ sí í já. F7 àti F8, àwọn wáyà ẹ̀bátí, ń fì ní òdìkejì ara wọn, ojú rẹ̀ ti ń yí. Lẹ́yìn náà mo ka 6, 5, 6, 5 káàkiri orí. Ìgbì tí mo kọ àìsàn sí lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Mo fi ọwọ́ sọ fún tẹkiníṣánì pé kó má tíì pè é.

Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ìgbì kan tó mú ṣóńṣó ń yọ ní Cz, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tí oorun ń gbé lọ ni, kì í ṣe àìsàn. Ní ìkejìlá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fi ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá bá mi jókòó: ìgbì kékeré kan gbéra ní àárín orí, ó wú, ó sì fọn, kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi parí. Ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí mo kà, ó jẹ́ 7, ìyẹn 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iye nìkan ni a bá ń wò, bẹ́tà ni, ẹni tó wà lójúfò ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrànwú oorun ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí ó jọ ìrànwú tó kún láàárín tó tóóró ní ìpẹ̀kun, àmì pé oorun ti wọlé gan-an ni. Ibi tó ti yọ, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tó yí i ká ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́.

Níwọ̀n bí kò ti sùn lóru, a jẹ́ kó sùn lọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbì ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ níwájú orí, ọ̀kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo wọn ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè: mìlímítà 12, máíkírófóòtì 84. Àwọn tó ń ṣe òdiwọ̀n oorun ń fẹ́ kó ju 75 lọ, kó sì gba ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 ti ìṣẹ́jú àáyá 30. Ojú ìwé mẹ́ta ni ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí náà mo to mẹ́ta pọ̀, mo ka ibi tí dẹ́lítà wà. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá 8, ohun tí a ń fẹ́ sì jẹ́ 6. Mo wo O1: kò sí álífà lórí rẹ̀. Mo wo orí rẹ̀: ó gbẹ. Dẹ́lítà gidi ni, oorun àsùnwọra ni.

Tẹkiníṣánì pè é. Ìlà gbogbo dàrú fún ìgbà díẹ̀ bó ti ń mira, lẹ́yìn náà mo ka O2: 9, 10, 10. Kò sí ìgbì ṣóńṣó kankan tó ń tọ́ka sí wárápá láàárín gbogbo ìyẹn, kò sí apá tó lọ́ra ju èkejì lọ.

Bí ọmọ ọdún kan ni, ǹ bá má retí 10 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàkọ́ ọmọ ọdún kan tó jí lè máa lọ ní 6, kí ó jẹ́ pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ń dé 8. Mo máa ń kọ ọjọ́ orí sí òkè ìwé mi pẹ̀lú lẹ́tà ńlá kí n má baà gbàgbé.

Bí wọ́n ti ń tú wáyà kúrò lórí ìyá oníṣòwò náà, ó bi mí pé, "Dókítà, ṣé mo sùn ni?" Mo ní, "Ẹ sùn dáadáa, mà." Ó ní òun rò pé ojú lásán ni òun dì. Nínú ìwé rẹ̀, mo kọ ipò rẹ̀ ṣáájú ìgbì kọ̀ọ̀kan: ó jí, ó ń tòògbé, ó sùn, ó sùn wọra, a jí i. Mo sì fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ fún dókítà tó rán an wá, pé EEG tó dára lẹ́ẹ̀kan kò sọ pé kì í ṣe wárápá, kó má fi èyí nìkan dá a padà sílé.